Ọ̀rẹ́ ló máa ń na sìgá àkọ́kọ́ síni

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Iléṣà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n bá fépù, sìgá oníbátìrì yẹn, nínú báàgì ọmọ SS1 kan. A kọ́kọ́ rò pé báírò aláràbarà ni. Ọ̀gá wa wá ní kí n bá gbogbo ọmọ sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ní àsẹ́ńbílì, lórí bí ẹgbẹ́ ṣe ń ti ọmọ sídìí sìgá àti fépù àkọ́kọ́. Mo ti ń rò ó láti tẹ àwòrán ẹ̀dọ̀fóró tó ti dúdú jáde, kí n gbé e sókè kí ẹ̀rù bà wọ́n. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Kí gan-an ni kí n sọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ kíkọ́ o, Tíṣà. Ẹ fi àwòrán yẹn sílẹ̀. Èmi náà ti gbé e rí.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀, tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣì ń wù mí bí aṣọ tuntun, mo lẹ ẹ̀dọ̀fóró dúdú kan mọ́ páálí ńlá, mo gbé e dúró níwájú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Àwọn tó wà níwájú pariwo, àwọn tó wà lẹ́yìn ń rẹ́rìn-ín. Ibi tí mo ti ń kó ẹrù mi ni ọmọkùnrin kan ti wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé èyí tó ń ta sánsán bíi máńgòrò náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?” Ẹnu mi wọhò. Mo ti fi ogún ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ àìsàn tó lè gba ọgbọ̀n ọdún kó tó dé, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n máa nà sí ọmọ yìí ní Sátidé tó ń bọ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ̀rù kì í ṣe ohun burúkú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dẹ́rù ba ọmọ láìfi ọ̀nà tó máa gbà hàn án, ẹ̀rín ni yóò fi gbé e sọnù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bàbá àgbà kan wà ládùúgbò rẹ̀ tó ti ń mu sìgá láti ayébáyé tó ṣì ń lọ sóko. Bàbá yẹn ni yóò fi dá yín lóhùn nínú ọkàn rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ọ̀rọ̀ yín dá lé lórí ni ìṣẹ́jú kan ṣoṣo: ìṣẹ́jú tí wọ́n na nǹkan náà sí i. Ẹni tó máa nà á kì í ṣe jàǹdùkú tó dúró ní gáréèjì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ẹni tó máa ń yá ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti yunifásítì dé. Tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n fi ń nà á. Ìdí nìyí tí “ẹ sá fún ọ̀rẹ́ burúkú” kì í fi í wọ̀ wọ́n létí. Lójú ọmọ náà, ọ̀rẹ́ yìí kò burú.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ń rí. Ká pe ọmọ náà ní Kọ́lá. Ọjọ́ ìbí ni, lágbègbè Ọ̀kẹ̀sà, ọmọkùnrin mẹ́rin sì wà lẹ́yìn ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, níbi tí àgbàlagbà kì í dé torí ariwo. Fépù ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ó kan Kọ́lá.

“Gáì, fà á.”

“Màmá mi máa gbọ́ òórùn ẹ̀ lára mi.”

“Fépù ni, kì í rùn bíi sìgá.”

“Ikọ́ fée máa ń ṣe mí.”

“Èéfín kọ́ nìyí, omi lásán ni.”

“Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fà á.”

“Ó rọrùn. Wò ó.”

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Kọ́lá kò fẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun kò fẹ́. Àlàyé ló ń ṣe. Gbogbo àlàyé tó ṣe ló di okùn tí wọ́n fi ń fà á sún mọ́ ara wọn. Nígbà tí àlàyé tán, ọwọ́ ló kù, ó sì gbà á. Ọmọ tó bá ṣàlàyé ti gbà pé ọ̀rọ̀ náà ṣeé dúnàádúrà, bíi pé ọjà Atákúmọ̀sà ni wọ́n wà. Ohun tó yẹ kó wà lẹ́nu rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ: “Rárá, mi ò fẹ́.” Tí wọ́n bá ní “kí ló dé?”, kó tún un sọ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní, kó wá yí ọ̀rọ̀ sórí bọ́ọ̀lù tàbí oúnjẹ, kó sì gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó dáa kí nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgò mínírà tàbí omi inú ọ̀rá. Ọwọ́ tó ṣófo ló máa ń tètè gba nǹkan.

(“Omi lásán ni” yẹn, irọ́ ni o. Ohun tó wà nínú fépù ni gilisáríìnì, irú èyí tí a fi ń pa ara nígbà ọyẹ́, àti kẹ́míkà mìíràn tó jọ ọ́, pẹ̀lú adùn àtọwọ́dá àti nikotíìnì tó wà nínú tábà. Irin tín-ín-rín kan ló ń gbóná tó ń sọ gbogbo rẹ̀ di ìkùukùu. Kò sí ẹni tó dá ẹ̀dọ̀fóró láti máa fa gilisáríìnì.)

Ó wá ku ohun tó máa ń jẹ́ kí “rárá” nira, èyí ni pé Kọ́lá nìkan ló dá yàtọ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1959, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Sólómọ́nì Áàṣì, ṣe ìdánwò kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ó kó àwọn èèyàn jókòó, ó fi ìlà kan hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n mú èyí tó gùn tó o nínú ìlà mẹ́ta. Ọmọ kékeré á mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti bá gbogbo àwọn yòókù sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n mú èyí tí kò tọ̀nà, àyàfi ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan. Nígbà tó bá kan ẹni yìí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìdáhùn rẹ̀ ló máa ń tẹ̀lé irọ́ ẹgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ń rí òótọ́. Áàṣì wá yí i padà díẹ̀: ó fi ẹnì kan ṣoṣo sáàárín wọn tó ń sọ òótọ́. Títẹ̀lé irọ́ yẹn já wálẹ̀ sí bí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni o.

Nítorí náà, ẹ má sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n ní ìgboyà. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n ní ẹnì kan. Kí Kọ́lá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti ṣàdéhùn kí wọ́n tó jáde nílé: tí wọ́n bá na nǹkan sí ọ̀kan nínú wa, èkejì ló máa kọ́kọ́ sọ pé “àwa kò fẹ́.” Nínú ohun gbogbo tí mo máa ń sọ níwájú ọmọ, àdéhùn ẹni méjì yìí ni mo tíì rí tí àwọn ọmọ padà wá sọ fún mi pé àwọn lò.

Ọ̀rọ̀ kan tó ń ti ọmọ ni “gbogbo èèyàn ló ń ṣe é.” Irọ́ yìí kì í ṣe irọ́ àmọ̀ọ́mọ̀pa, wọ́n gbà á gbọ́ lóòótọ́, torí ẹni tó ń mu ni ojú ń rí, ẹni tí kò mu kì í polówó ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wo gbogbo Nàìjíríà ní 2012, nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, kò pé mẹ́fà tó ń lo tábà irú èyíkéyìí: mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin, nǹkan bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin. Fépù kò sí nínú kíkà yẹn, ó sì ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti fi dá “gbogbo èèyàn” dúró.

Èyí tó dára jù ni pé kí ẹ ka ti ilé ẹ̀kọ́ yín fúnra yín. Lọ́jọ́bọ̀ ṣáájú àsẹ́ńbílì, ẹ fún kíláàsì kan ní ìwé pélébé tí ìbéèrè méjì wà lórí rẹ̀. Èkíní: nínú ọmọ mẹ́wàá ní kíláàsì yìí, mélòó lo rò pé ó mu sìgá tàbí fépù ní oṣù tó kọjá? Èkejì: ìwọ ńkọ́, bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá? Kò sí orúkọ, kò sí ọ̀rọ̀ kíkọ, nọ́ńbà àti àmì nìkan, torí ẹ mọ ọwọ́ ìkọ̀wé wọn, àwọn náà sì mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Inú páálí bàtà tí ẹ dá ihò sí ni kí wọ́n jù ú sí, kì í ṣe ọwọ́ tíṣà. Ká ní ìwé 60 lẹ gbà. Tí ìdáhùn wọn sí ìbéèrè kìíní bá dúró sórí mẹ́rin nínú mẹ́wàá, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé 24 nínú wọn ló ń mu. Tí “bẹ́ẹ̀ ni” inú páálí bá wá jẹ́ 5, ẹ ti rí ọ̀rọ̀ tó lágbára ju ẹ̀dọ̀fóró dúdú lọ, torí ẹnu wọn ló ti jáde.

Ìkìlọ̀ kan ni o: tí “bẹ́ẹ̀ ni” bá pọ̀, ẹ má kà á síta. Iye tó pọ̀ tí ẹ bá pariwo rẹ̀ yóò máa ti àwọn tó kù síbẹ̀ ni. Ẹ gbé e lọ fún ọ̀gá yín, kí ẹ sì lo ti 2012 yẹn.

Ẹ ní láti sọ ohun tí fífà àkọ́kọ́ ń ṣe gan-an, torí “ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo” ni ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n máa fi tì í. Tí èèyàn bá fa sìgá, nikotíìnì máa dé ọpọlọ kí ogún ìṣẹ́jú-àáyá tó pé. Ọpọlọ á tú kẹ́míkà tó ń mú inú dùn jáde, á sì sàmì síbẹ̀ pé “mo mọ ibí.” Ọpọlọ ọmọ ọdún 15 ṣì ń dàgbà, kò ní parí títí di bí ọdún 25, ìdí nìyẹn tí àmì yẹn fi máa ń jinlẹ̀ nínú rẹ̀ ju ti àgbàlagbà lọ. Sìgá àkọ́kọ́ tilẹ̀ máa ń kọ ọmọ: á wúkọ́, òòyì á kọ́ ọ, èébì á fẹ́ gbé e. Ìyẹn ni ọ̀fun rẹ̀ ń jà fún un. Fépù ti gba ìjà yẹn lọ́wọ́ ọ̀fun. Wọ́n fi ásíìdì kan sínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí nikotíìnì ta á mọ́, kó lè wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí ẹ bá rí 5% lára fépù, ó túmọ̀ sí pé 50 mílígíráàmù nikotíìnì ló wà nínú mílílítà omi rẹ̀ kan, nígbà tó jẹ́ pé bíi 1 sí 2 mílígíráàmù ni sìgá kan ń fi wọ ara. Sìgá sì ní òpin, ó máa jó débi ìdí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pa. Fépù kò ní ìdí. Ọmọ lè máa fà á láti ìgbà tí orin bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n á fi pa jẹnẹrétọ̀.

Ní 2018, àwọn onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù kó ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí ohun tó lé ní 200,000 èèyàn pọ̀, wọ́n rí i pé nínú ẹni mẹ́ta tó tọ́ sìgá wò, bíi méjì ló di ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́, ó kéré tán fún àkókò kan. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti kó o, sìgá ni wọ́n sì kà, nítorí náà ẹ má fi sọ̀rọ̀ fépù. Fún sìgá, ó tó.

Bí mo ṣe máa sọ ọ́ tó bá jẹ́ èmi ló wà nínú bàtà yín nìyí. Ẹ tún un ṣe sí ohùn yín. Tó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní àsẹ́ńbílì yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibi Òṣómàáló sílẹ̀ ní Yorùbá. Kò ṣeé sọ ní Gẹ̀ẹ́sì kó dùn.

*

“Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni wí láàárọ̀ yìí, mi ò sì ní sọ pé ẹ máa kú. Ìtàn ìṣẹ́jú kan ni mo fẹ́ sọ.

“Sátidé ni. O wà níbi ọjọ́ ìbí. Orin ń lọ, wọ́n ti jẹ ìrẹsì tán. Ọ̀rẹ́ rẹ, ẹni tí o fẹ́ràn, fà ọ́ lọ sẹ́yìn ilé. Ó na nǹkan kan sí ọ, ó ní, ‘Fà á, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é.’

“Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo èèyàn. Lọ́jọ́bọ̀ ẹ kọ ìwé fún mi. Ẹ ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá yín ló ń mu sìgá tàbí fépù. Ó dáa. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ara yín. Nínú ọgọ́ta, márùn-ún ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Márùn-ún! Àwọn márùndínlọ́gọ́ta yòókù wà níbí, wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, oníkálukú ń rò pé òun nìkan ni òun kò mu.

“Ọ̀rọ̀ kejì: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ta ni kò mọ Òṣómàáló? Àwọn bàbá wa máa ń ru aṣọ lọ sílùú onílùú. Wọ́n á gbé aṣọ fún ọ láwìn, o kò ní san kọ́bọ̀ lónìí. O ó rán an, o ó wọ̀ ọ́ lọ òde, wọ́n á ní o rẹwà. Lọ́jọ́ tí owó bá pé, bàbá á dé. Kò ní jókòó. Kò ní gba omi. Á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ, á ní, ‘Òṣó ni mo máa ló títí n ó fi gba owó mi.’

“Ohun tó wà nínú sìgá àti fépù ń jẹ́ nikotíìnì. Àwìn ló ń tà. Ti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò ní gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ bí ẹ̀ẹ̀mélòó kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í lóṣòó sínú orí rẹ. Tíṣà ń kọ́ yín ní Ìṣirò, ó ti dé. Inú ń bí ọ láìnídìí, ìwé kò wọlé, ọkàn rẹ wà ní ilé ìtọ̀. O ó lọ fà á, ara rẹ á wálẹ̀, o ó ní ‘ó ń jẹ́ kí n fọkàn balẹ̀.’ Kò fún ọ ní ìfọ̀kànbalẹ̀ kankan. Òun ló gbà á lọ, gbèsè lo ṣẹ̀ṣẹ̀ san yẹn, á sì tún padà wá kí wọ́n tó lu aago ìsinmi. Nínú ẹni mẹ́ta tó tọ́ sìgá wò, méjì ló máa ń rí i lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lójoojúmọ́.

“Kí lo máa wá sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ? Má ṣàlàyé. Tí o bá ní màmá rẹ máa gbóòórùn, ó máa fún ọ ní súwíìtì. Tí o bá ní ọ̀la ni ìdánwò, ó máa ní ọ̀la kọ́ nìyí. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni. Ẹ bá mi sọ ọ́, ẹ má pariwo, bí ẹni tó ń kọ ẹ̀kọ gbígbóná nígbà tó ti yó: Rárá, mi ò fẹ́. Ẹ tún un sọ. Rárá, mi ò fẹ́. Ó tán. Béèrè ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lánàá, kí o sì rìn padà síbi orin.

“Èyí tó gbẹ̀yìn. Ẹ wo ẹni tó wà lápá ọ̀tún yín. Lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, mú ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ bá ara yín ṣàdéhùn: tí wọ́n bá nà án sí mi, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sọ pé àwa kò fẹ́, tí wọ́n bá nà án sí ọ, èmi ni. Ẹni méjì ti pọ̀ ju kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ.

“Tí ẹnikẹ́ni bá wà níbí tí Òṣómàáló ti lóṣòó sílé rẹ̀, tábìlì mi wà níbi tó wà. Wá nígbà ìsinmi. Mi ò ní bi ọ́ pé ta ló tà á fún ọ. Ẹ ṣeun.”

*

Mo ti kà á sókè, kò kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún lọ títí bí ẹ kò bá sáré. Nọ́ńbà inú rẹ̀, ti páálí yín ni kí ẹ fi sí i, ẹ má lo tèmi.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ má gbé fépù tí ẹ gbà lọ́wọ́ ọmọ yẹn sókè, ẹ má sì ka adùn tó wà níta fún wọn. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí á kọ́ ọ lọ́dọ̀ yín. Ẹ má pe ẹni tó ti jáwọ́ nínú sìgá wá sọ ìtàn ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá fẹ́ràn rẹ̀, ó sì máa ń dùn, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ń gbọ́ ni pé ọ̀gbẹ́ni yìí mu ún fún ọdún mẹ́wàá, ó sì wà níwájú wa tó ń dán. Ọmọ SS1 yẹn kò gbọ́dọ̀ bọ́ sẹ́nu yín, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ sí àyẹ̀wò báàgì lọ́jọ́ náà. Tí ẹ bá ní kí wọ́n wá bá yín lẹ́yìn tí ẹ sì tú báàgì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tábìlì yín yóò dá wà títí tí wọ́n fi máa gba ìwé ẹ̀rí.

Àsẹ́ńbílì nìkan kò lè ṣe é tán. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ẹ gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú kíláàsì yín. Ẹ mú báírò, kí ẹ̀yin gan-an ṣe ọ̀rẹ́ tó ń nà á, kí àwọn ọmọ dìde ní méjìméjì. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan ṣe ẹni tó ń nà á. A kò fẹ́ kí ẹnu rẹ̀ mọ ìyẹn. Ẹ tì í dáadáa: “Ọmọ màmí ni ẹ́ ṣá,” “O fẹ́ bà wá nínú jẹ́.” Ẹ máa rí i pé ní ìgbà àkọ́kọ́, púpọ̀ nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ẹ gba gbogbo àlàyé wọn, kí ẹ fún un lésì, títí tí yóò fi tán. Wọ́n á rí i fúnra wọn. Ẹ máa mọ̀ pé ó ti wọlé nígbà tí ọmọ kan bá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn, tó sì dákẹ́, tí dídákẹ́ yẹn kò sì ni ín lára. Dídákẹ́ yẹn ló nira jù láti kọ́.

Nípa ìsọ̀ tó wà lẹ́nu géètì, mo mọ̀ pé ó wà, torí kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí kò sí. Láti 2015 ni òfin tábà ti wà ní Nàìjíríà: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ta á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kò sì gbọ́dọ̀ ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, páálí tó ní 20 ló kéré jù. Ẹlẹ́yọ yẹn ló bá owó ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mu. Kí ọ̀gá yín lọ bá ìyá onísọ̀ náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kó tó di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ mọ̀.

Ó ku ọmọ SS1 yẹn. Ọ̀rọ̀ àsẹ́ńbílì kò ní ràn án lọ́wọ́ tó bá ti di mímu lójoojúmọ́. Ẹ pè é síbi tí kò sí èrò, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan: tó bá jí láàárọ̀, báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó fà á? Tó bá sọ pé Sátidé nìkan ni, ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lè bá a mú un. Tó bá jẹ́ pé kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó kọjá lẹ́yìn tó jí ni, nikotíìnì ti mú un, kò sì yẹ kó dá ìyẹn ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tó bá dáwọ́ dúró ni yóò le jù: orí fífọ́, ìbínú, àìróorun sùn, ebi ní gbogbo ìgbà. Ó máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ yòókù láìsọ ìdí rẹ̀, kí wọ́n má baà lù ú nítorí ìbínú ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n sì mú un lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn Wẹ́sílì Gíìdì. Tó bá kọ̀ láti lọ torí ojú ń tì í, ẹ sọ fún un pé ó lè mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dání. Wọn kì í lé ọ̀rẹ́ síta.